Ìwé Kúíìtì Inú Fọ́tò: Bí Wọ́n Ṣe Ń Túmọ̀ Rẹ̀ fún Ayálégbé ní Mápó

Ohun tí àwọn ará Mápó, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba ní Ìbàdàn ń pè ní kúíìtì kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo. Ìwé méjì ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni iṣẹ́ wọn lábẹ́ òfin. Èyí àkọ́kọ́ ni onílé fi ń sọ fún ayálégbé pé àdéhùn ilé gbígbé tó wà láàárín àwọn méjèèjì yóò parí ní ọjọ́ báyìí. Èkejì ni ìwé ọlọ́jọ́ méje. Ìyẹn máa ń tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá bá ti kọjá tí ayálégbé kò sì tíì kó jáde. Ohun tó ń sọ ni pé onílé fẹ́ lọ sí kọ́ọ̀tù láti gba ilé rẹ̀. Kò sí èyí tó fún onílé láṣẹ láti yọ ilẹ̀kùn, láti ṣí páànù orí ilé tàbí láti da ẹrù ẹnikẹ́ni síta. Kọ́ọ̀tù nìkan ló lè pàṣẹ kí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ ayálégbé, òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù ló sì ń mú àṣẹ náà ṣẹ. Ògbufọ̀ tí kò bá mọ èyí kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè tú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ, kí ẹni tó ń tú u fún ṣì gbọ́ gbogbo rẹ̀ sódì.

Láyé ìsinsìnyí, fọ́tò ló sábà máa ń dé ọwọ́ ògbufọ̀, kì í ṣe ìwé gan-an. Ìyá tó ń tajà ní Ọjà'ba gba ìwé lọ́wọ́ akọ̀wé lọ́yà, ọmọ rẹ̀ yà á lórí fóònù, ó sì fi í ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀sáàpù sí ẹni tó gbọ́ òyìnbó kọ́ọ̀tù. Ibẹ̀ ni ìṣòro àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣáájú ọ̀rọ̀ òfin kankan. Wọ́ọ̀sáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó má baà wúwo, lẹ́tà kéékèèké á sì di bàìbàì. Ó dára kí wọ́n tún fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kí wọ́n tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì nínú ìmọ́lẹ̀ ìta, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ hàn, kí wọ́n sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ya ẹ̀yìn ìwé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn yẹn gan-an ni akọ̀wé lọ́yà máa ń kọ ọjọ́ àti aago tó fi í jíṣẹ́ sí nígbà mìíràn, àti bóyá ọwọ́ ayálégbé ló fi lé tàbí ara ilẹ̀kùn ló lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Kì í ṣe ìwé ẹnì kan pàtó. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí ni wọ́n fi ṣe é. Yàrá kan àti pálọ̀ ni ilé náà, nísàlẹ̀ òkè tí gbọ̀ngàn Mápó wà. Ọdọọdún ni ayálégbé ń sanwó, ₦60,000 sì ni owó ilé. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni ọdún rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́yà onílé kọ̀wé sí i pé kó kó jáde ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ká ìwé náà gba orí déètì òkè kọjá, òǹtẹ̀ lọ́yà sì bo apá kan rẹ̀. Ohun tó kù tí ojú rí ni 25, lẹ́yìn náà àmì kan tó lè jẹ́ 3, tó sì lè jẹ́ 8, lẹ́yìn náà 2024.

Gbogbo ẹjọ́ náà lè dá lórí àmì kan yẹn. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín onílé àti ayálégbé, òfin fún ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù ní ìkìlọ̀ oṣù kan, ó sì fún ẹni tó ń san án lọ́dọọdún ní ìdajì ọdún. Bí àmì náà bá jẹ́ 3, oṣù kẹta ni wọ́n kọ̀wé, ó sì ju oṣù mẹ́fà lọ kí ọjọ́ tó pé. Bí ó bá jẹ́ 8, ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n fún un. Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ yan èyí tó wù ú. Ara ìwé náà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò: àwọn lọ́yà sábà máa ń sọ iye oṣù tí àwọn fún ayálégbé nínú ìwé, ẹ̀yìn ìwé sì lè ní ọjọ́ tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Bí ìwé bá sọ pé oṣù mẹ́fà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì sọ pé ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ló débẹ̀, 3 ni. Bí kò bá rí ẹ̀rí kankan, yóò kọ ọ́ sínú ìtumọ̀ pé oṣù inú déètì náà kò hàn nínú fọ́tò, yóò sì ní kí wọ́n ya ibẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nọ́ńbà ilé náà ń fẹ́ ìfura bákan náà. Nọ́ńbà ilé ní Ìbàdàn àtijọ́ máa ń ní lẹ́tà níwájú tó ń tọ́ka sí apá ìlú tí ilé wà, bíi N tàbí S tàbí E, kí ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ tó wọ àárín. Nínú fọ́tò tí kò mọ́, S5 lè di 55, ilé ẹlòmíràn á sì wọ inú ìtumọ̀. Ẹni tó dàgbà sí Mápó mọ̀ pé kò sí ilé kan níbẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 55 tí ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ògbufọ̀ tó wà lókèèrè lè má mọ̀, nítorí náà kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbénú ilé.

Lẹ́yìn tí fọ́tò bá ti ṣeé kà ni ọ̀rọ̀ òfin ń wọlé. Àwọn ọ̀rọ̀ tó le jù lójú kọ́ ló máa ń ṣini lọ́nà jù. Èyí tó jọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ló burú. Nínú ìwé kúíìtì, lọ́yà máa ń kọ ọ́ pé wọ́n ti "dítámìn" ìgbé ayálégbé náà. Ẹni tó kọ́ òyìnbó ní ilé-ìwé mọ̀ pé "pinnu" ni ọ̀rọ̀ yìí, ó sì lè kọ ọ́ pé onílé ti pinnu nípa ìgbé yín. Kò sí ìtumọ̀ níbẹ̀. Lẹ́nu amòfin, fífi òpin sí nǹkan ni. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé onílé fi òpin sí àdéhùn ilé gbígbé, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n dá. Ọ̀nà tí ògbufọ̀ fi ń mọ̀ pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ irú èyí mú ni pé gbólóhùn Yorùbá tó jáde kò ní ṣe nǹkan kan: kò ní pàṣẹ, kò ní dá ọjọ́, kò ní béèrè owó. Lọ́yà kì í fi òǹtẹ̀ sábẹ́ gbólóhùn tí kò ṣe nǹkan.

"Pọsẹ́ṣọ̀n" náà ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá tú u sí ohun ìní, "kí ẹ dá ohun ìní padà" ni ayálégbé yóò gbọ́, yóò sì máa ronú pé wọ́n fẹ́ gba bẹ́ẹ̀dì àti tẹlifíṣọ̀n òun. Wíwà nínú ilé àti dídi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú ni òfin ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí ẹni tó ni ilé. Ayálégbé tó ti sanwó ló ni wíwà nínú yàrá, onílé ló ni yàrá. Èyí tó bá ẹnu Yorùbá mu ni kí wọ́n kọ ọ́ pé "kí ẹ kó jáde, kí ẹ sì fi ilé náà lé onílé lọ́wọ́ ní òfìfo". Ọ̀rọ̀ "ní òfìfo" yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ayálégbé tó kó jáde tó fi àbúrò rẹ̀ sínú yàrá kò tíì ṣe ohun tí ìwé náà ní kó ṣe.

Èyí tó yẹ kí wọ́n fi àkókò sí jù lọ ni "méènì pírọ́fíìtì". Kò sí ọ̀rọ̀ kan ní Yorùbá tó bá a dọ́gba. Ẹni tó bá gbọ́ apá kejì rẹ̀ yóò fẹ́ kọ "èrè", bí ayálégbé bá sì gbọ́ èrè, yóò rò pé onílé fẹ́ pín nínú èrè ọjà òun, tàbí pé èlé ni wọ́n bù lé gbèsè rẹ̀. Kì í ṣe èyíkéyìí níbẹ̀. Owó tí ẹni tó ṣì ń gbénú ilé yóò san fún ìlò rẹ̀ lẹ́yìn tí àdéhùn ti parí ni, títí di ọjọ́ tó bá jáde. Kò tún jẹ́ owó ilé mọ́, nítorí kò sí àdéhùn mọ́ tó lè bí owó ilé. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ṣàlàyé rẹ̀ nínú ẹjọ́ Debs àti Cenico ní 1986, àwọn lọ́yà sì ń tọ́ka sí i di òní.

Ìṣirò ló ń jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà hàn. Ká ní onílé sọ pé ayálégbé inú àpẹẹrẹ náà san ₦30,000 nínú ₦60,000 ọdún tó parí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án 2024, ₦30,000 tó kù jẹ́ gbèsè owó ilé. Bí kò bá kó jáde títí di ìparí oṣù kìíní 2025, ó ti lo oṣù mẹ́rin lẹ́yìn àdéhùn. ₦60,000 lọ́dún jẹ́ ₦5,000 lóṣù, oṣù mẹ́rin á sì jẹ́ ₦20,000. Èyí ni méènì pírọ́fíìtì, ó sì ń gùn sí i lóṣooṣù títí tí yóò fi jáde. Ohun méjì ni onílé ń béèrè, ẹni tó bá sì pa wọ́n pọ̀ sí "gbèsè ₦50,000" ti gba ohun kan lọ́wọ́ ayálégbé. Ó lè ní rìsíìtì tó fi hàn pé òun ti san ₦30,000 yẹn, kó sì jẹ́ pé ₦20,000 nìkan ló kù láti jiyàn lé lórí. Nínú ìtumọ̀, ó sàn kí wọ́n kọ ọ́ gùn: "owó ìlò ilé láti ọjọ́ tí àdéhùn ti parí títí di ọjọ́ tí ẹ ó jáde, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní méènì pírọ́fíìtì". Wọ́n ní láti fi orúkọ tí lọ́yà ń pè é sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí orúkọ yẹn ni ayálégbé yóò gbọ́ lẹ́nu wọn ní kọ́ọ̀tù Ìyágankú, ó sì yẹ kó dá a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹrin ni "tẹ́náǹtì át wíìlì". Ògbufọ̀ tó yára lè rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ogún ni, nítorí orúkọ kan náà ni òyìnbó ń pe ìwé ìpíngún. Òmíràn á kọ ọ́ pé "ayálégbé tó ń gbé níbẹ̀ bó bá ṣe wù ú", ayálégbé á sì rò pé òun lè gbé ibẹ̀ títí láé. Ẹni tó ń gbé ilé pẹ̀lú ìfẹ́ onílé, láìsí ọdún tàbí oṣù tí wọ́n dá, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn sì lè fòpin sí i nígbàkigbà tó bá wù ú, ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ìfẹ́ ẹni méjì ló wà níbẹ̀, gbólóhùn Yorùbá sì gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn méjèèjì.

Mápó tún fi ìnira kan kún un tí ìlú tuntun kì í sábà ní. Àgbègbè agboolé ni. Lábẹ́ òrùlé kan náà, ọmọ ilé lè wà níbẹ̀ nítorí pé baba ńlá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, ayálégbé sì lè wà ní yàrá kejì. Nínú àṣà ilẹ̀ Yorùbá, aṣákọ́lẹ̀ tún wà, ẹni tí ẹbí fún ní ilẹ̀ tó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè wà lórí ilẹ̀ náà pẹ́ títí, bó bá ń san án tí kò sì sẹ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Kúíìtì kọ́ ni wọ́n fi ń mú un kúrò, ilé-ẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti bọ́. Nítorí náà, ìṣákọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ìtumọ̀ ìwé owó yàrá, bó ti wù kó dùn létí àgbàlagbà tó. Ọ̀rọ̀ kan yẹn lè mú kí ayálégbé gbà pé ẹ̀tọ́ tí kò ní wà lọ́wọ́ òun.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ ilé lè gba ìwé tó pè é ní ayálégbé. Ó lè bínú, kó ní kí ògbufọ̀ kọ "ọmọ ilé" síbẹ̀. Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bóyá ayálégbé ni tàbí ọmọ ilé lè jẹ́ ohun tí kọ́ọ̀tù máa gbọ́. Ohun tí ìwé sọ ni yóò kọ, yóò sì fi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ ìtumọ̀, lọ́tọ̀, pé ẹni tó gba ìwé náà sọ pé òun kì í ṣe ayálégbé. Bákan náà, bí mọ́gàjí bá wà lára àwọn tó ní kí wọ́n kọ̀wé, ìwé máa ń sọ pé ó ṣe é fún ara rẹ̀ àti lórúkọ ẹbí. Bí ìtumọ̀ bá fi "lórúkọ ẹbí" sílẹ̀, yóò dà bíi pé mọ́gàjí nìkan ló ni ilé, ọ̀rọ̀ yẹn sì lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀ nínú agboolé.

Èdè òyìnbó kì í yan láàárín "ìwọ" àti "ẹ̀yin", ṣùgbọ́n Yorùbá gbọ́dọ̀ yàn. Àgbàlagbà kò ní gba kí wọ́n kọ "o gbọ́dọ̀ kó jáde" sí òun, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. "Ẹ" ló yẹ. Àmọ́ "ẹ" tún lè jẹ́ ènìyàn púpọ̀, kí ẹni tó wà ní yàrá kejì tó gbọ́ kíkà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù tirẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí orúkọ ẹni tí ìwé wà fún bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ náà, kí wọ́n sì sọ pé yàrá tirẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn, kí "ẹ" tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ kíkà ni ibi tí èdè àti òfin ti ń takora jù. Yorùbá àtijọ́ máa ń ka ọjọ́ tó wà lónìí mọ́ ọn. Ọjà ọrún tí wọ́n bá ná lọ́jọ́ Mọ́ńdè yóò tún bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, nítorí Mọ́ńdè ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan, Jímọ̀ sì jẹ́ ìkarùn-ún. Òfin kì í ka ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ ènìyàn. Bí ìwé ọlọ́jọ́ méje bá dé Mápó lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá 2024, Jímọ̀ ọjọ́ kẹrin ni ọjọ́ kìíní, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ kẹwàá sì ni ìkeje. Ìyá àgbà tó ń ka ìka ọwọ́ láti Ọjọ́bọ̀ tí ìwé dé yóò dé ìkeje ní Ọjọ́rú. Kò ṣi kíkà, ìlànà tirẹ̀ ló lò. Bí ìtumọ̀ bá kàn sọ pé "ọjọ́ méje", ó ti fún ẹni méjì ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ohun tí ìwé kọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n sì fi déètì tẹ̀ lé e nínú àlàyé ìsàlẹ̀: "láti ọ̀la ọjọ́ tí ìwé dé ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì pé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá."

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìwé ọlọ́jọ́ méje inú àpẹẹrẹ yìí lè jáde ní Yorùbá báyìí:

"Sí Lágbájá, ayálégbé yàrá kan àti pálọ̀ inú ilé yìí. Yàrá yín nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Èmi lọ́yà onílé ń fi yé yín pé àdéhùn ilé gbígbé yín parí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án 2024, lẹ́yìn tí ẹ ti gba ìwé kúíìtì, ẹ kò sì tíì fi ilé náà lé onílé lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá fi í lé e lọ́wọ́ ní òfìfo láàárín ọjọ́ méje sí ìgbà tí ìwé yìí dé ọwọ́ yín, onílé yóò lọ bẹ kọ́ọ̀tù pé kó pàṣẹ kí wọ́n gba ilé náà lọ́wọ́ yín."

Ó yẹ kí wọ́n ṣàkíyèsí gbólóhùn ìparí. Ìwé náà kò sọ pé "a ó lé yín jáde". Ẹni tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti fi ìbẹ̀rù kún un, ayálégbé sì lè sá fi ilé sílẹ̀ láìgbọ́ ẹjọ́. Kò sì sọ pé "ẹ jọ̀wọ́, ẹ ronú sí i". Ẹni tó bá rọ̀ ọ́ báyẹn ti tàn án. Kíkọ́ ayálégbé pé kúíìtì náà ní àṣìṣe, nítorí náà kó má mì, tún burú sí i. Ní oṣù kejì ọdún 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé kò yẹ kí ayálégbé máa fi àṣìṣe inú nótíìsì sá fún onílé. Bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn náà ti tó nótíìsì. Iṣẹ́ ògbufọ̀ parí síbi tí ọ̀rọ̀ ìwé parí sí. Ẹni tí yóò sọ bóyá ìwé náà fìdí múlẹ̀ ni lọ́yà, tàbí àjọ ìjọba tó ń gbèjà aláìní lọ́fẹ̀ẹ́ ní kọ́ọ̀tù.

Kí ìtumọ̀ tó lọ, wọ́n máa ń kà á sókè fún ẹni tí kò rí òyìnbó rẹ̀ rí, kí ẹni náà sì sọ ọ́ padà lẹ́nu ara rẹ̀. Ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ lè sọ: ta ló ń béèrè, kí ló ń béèrè, ọjọ́ wo ló pé, àti kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Bí ó bá sọ pé "wọ́n máa wá da ẹrù mi síta ní Ọjọ́rú", ìtumọ̀ ti kùnà ní ọ̀nà méjì, ó sì hàn gbangba ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà sí: gbólóhùn kọ́ọ̀tù àti kíkà ọjọ́. Lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n á kọ sí ìsàlẹ̀ pé láti inú fọ́tò ni wọ́n ti tú u, wọ́n á kọ àwọn ibi tí kò hàn, wọ́n á sì ní kí ayálégbé mú ìwé gan-an, fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, àti gbogbo rìsíìtì owó ilé pọ̀ lọ bá lọ́yà kí ọjọ́ tó pé.